GFP mi kò wọ mitokọ́ńdríà, àmọ́ èyí tí mo rán sí núkílíọ́sì dé ibẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fi àmì COX8 sí ìdí GFP kó lè wọ mitokọ́ńdríà, ṣùgbọ́n gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń tàn, títí kan núkílíọ́sì. Èyí tí mo fi PKKKRKV sí ìdí rẹ̀ wọ núkílíọ́sì dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, orí ló yẹ kí COX8 wà. Amínò ásíìdì 25 ni àmì náà, ó sì máa ń lọ́ bí ìrin sípíríǹgì: ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kì í fẹ́ omi, ẹ̀gbẹ́ kejì ní iná pọ́sítífù. Lára awọ òde mitokọ́ńdríà, Tom20 di ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ mú, Tom22 sì di ti iná mú. Wọ́n á tì í gba ihò Tom40, á sì bá Tim23 nínú awọ inú. Inú mitokọ́ńdríà jẹ́ nẹ́gátífù, òun ló ń fa orí pọ́sítífù yẹn wọlé. Lẹ́yìn náà ni Hsp70 tó wà nínú á máa ná ATP láti fa ìyókù, bí ẹni ń fa okùn láti inú kànga. Ihò yẹn há, okùn tí a tú nìkan ló lè gbà á. Èyí tí ìwọ ṣe, GFP tó ti ká jọ ló ṣáájú, àmì sì wà lẹ́yìn.

Ti núkílíọ́sì yàtọ̀. Ihò rẹ̀ fẹ̀, prótéìnì lè gbà á kọjá ní kíká. Impọ́tínì álífà máa ń mú PKKKRKV níbikíbi tó bá ti hàn síta, impọ́tínì bẹ́tà á mú wọn wọlé, Ran tó gbé GTP á sì tú ẹrù náà sílẹ̀ nínú. Kò sí pé iná awọ ń fà á.

Má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ inú núkílíọ́sì tàn ọ́ jẹ o. GFP kò ju nǹkan bí 27 kDa lọ, ohun tí kò bá tó nǹkan bí 40 kDa sì máa ń yọ́ wọlé fúnra rẹ̀. Nítorí náà, PKKKRKV rẹ ti ṣiṣẹ́ kìkì bí núkílíọ́sì bá tàn ju àyíká rẹ̀ lọ. Bí o bá fẹ́ kó dá ọ lójú, so GFP mẹ́ta pọ̀ kó tóbi jù láti yọ́ wọlé.

Ní báyìí, gbé COX8 síwájú, má sì fi ohunkóhun ṣáájú rẹ̀, àní àmì histidíìnì pàápàá. Lẹ́yìn náà, wò ó lórí jẹ́ẹ̀lì: bí ó bá wọlé, ẹ́nsáímù inú mitokọ́ńdríà á gé àmì náà kúrò, ìlà rẹ á sì kéré sí ti odindi ní bíi 3 kDa. Fún sẹ́ẹ̀lì mìíràn ní CCCP, tó máa ń pa iná awọ inú, kí GFP tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, torí èyí tó ti wọlé kò ní padà síta. Ìlà ńlá tí a kò gé ló yẹ kí o rí níbẹ̀, bí sẹ́ẹ̀lì kò bá tíì jẹ ẹ́ run.