R² mi jẹ́ 0.991, àṣé ìlà yẹn ò bá dátà mu

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí ní ìrọ̀lẹ́ àná. Dátà `women` tó wà nínú R, èdè kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣe ìṣirò dátà, fúnra ẹ̀ ni mo ń lò, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tọ́jọ́ orí wọn jẹ́ 30 sí 39, bí wọ́n ṣe ga tó ní íǹṣì àti bí wọ́n ṣe wúwo tó ní pọ́n-ùn, ẹsẹ dátà 15 péré. Mo fa ìlà gbọọrọ kan gba àárín ẹ̀, R², nọ́ńbà tó ń sọ bí ìlà ṣe sún mọ́ dátà tó, jáde ní 0.991, inú mi dùn, mo ti fẹ́ pa láptọ́ọ̀pù dé kí n lọ jẹun, ni ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bá yọjú: "Àbúrò, o ti wo àṣẹ́kù ẹ̀?"

Àṣẹ́kù ò le. Ẹ mú ìwúwo tó wà nínú dátà, kẹ́ ẹ yọ èyí tí ìlà yín sọ kúrò nínú ẹ̀. Ẹni tó ga ní 58, dátà ní 115, ìlà mi ní 112.58, ó ku 2.42. Ẹni 65, dátà ní 135, ìlà ní 136.73, ó di -1.73.

```
m <- lm(weight ~ height, data = women)
plot(fitted(m), resid(m))
abline(h = 0)
```

Tí ìlà gbọọrọ bá bá dátà mu, ńṣe ló yẹ káwọn àmì yẹn fọ́n ká lókè àti nísàlẹ̀ òdo bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Tèmi ya igbá tó lanu sókè! Mẹ́rin àkọ́kọ́ lókè òdo, mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ gbogbo wọn, mẹ́ta tó kẹ́yìn tún fò sókè. Ìlà mi ń sọ pé gbogbo íǹṣì kan ń fi 3.45 pọ́n-ùn kún un, bẹ́ẹ̀ láti 58 sí 59, 2 péré ló lé, láti 71 sí 72, 5 ni.

R² ò lè rí ìyẹn torí bí àṣẹ́kù ṣe kéré tó ló ń wò, kò wo bí wọ́n ṣe tò. Ìwúwo lọ láti 115 dé 164, àṣẹ́kù tó tóbi jù ò ju 3.12 lọ. Ohun tó tún jẹ́ kí igbá yẹn hàn kedere ni pé ẹsẹ kọ̀ọ̀kan nínú dátà yìí jẹ́ àròpín ọ̀pọ̀ èèyàn, ká ní èèyàn kọ̀ọ̀kan ni, ìyàtọ̀ láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì á ti bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ní kí n fi `height^2` kún un kí ìlà náà lè tẹ̀, mo tún ìṣirò náà ṣe, kò sóhun tó yí padà, àní nọ́ńbà kan ò mì. Mo ti ń bínú kí n tó rántí pé láìsí `I()`, R á kàn ka ìyẹn sí `height` lásán, kò sì ní pariwo.

```
m2 <- lm(weight ~ height + I(height^2), data = women)
```

Àṣẹ́kù wá sún mọ́ òdo, láti -0.51 sí 0.60, igbá yẹn ti fọ́. Oúnjẹ mi ti tutù ṣá.