Bí mo ṣe fi ọkọ̀ kún pólísì tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ

Oníbàárà wa kan ní ọkọ̀ mẹ́ta lórí pólísì adójútòfò kọmpirihẹ́ńsíìfù kan ṣoṣo, láti 1 oṣù Kìíní títí di 31 oṣù Kejìlá 2025. Ó kọ̀wé pé kí a fi Kòrólà kan kún un láti 1 oṣù Kẹsàn-án. Iye ọkọ̀ náà jẹ́ ₦12,000,000.

Mo kọ́kọ́ gba ìwé ọkọ̀ àti àwòrán rẹ̀ yípo. Nọ́ńbà ṣasí ni mo fara balẹ̀ kà jù. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló máa ń jẹ́, kì í sì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní O láàárín. Ó ní láti jẹ́ òdo, síbẹ̀ mo ní kí wọ́n ya ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lára ọkọ̀ wá kí n tó tún un kọ. Bí a bá gbé àṣìṣe yẹn wọ ìwé, ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni àríyànjiyàn máa bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀ wo la dáàbò bò.

Ó wá kan owó. NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, ti là á kalẹ̀ láti 2023 pé owó kọmpirihẹ́ńsíìfù kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀, nítorí náà ₦600,000 ni ti odidi ọdún. Ọjọ́ tó kù, tí a bá ka ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí mọ́ ọn, jẹ́ 122:

```
600,000 × 122 ÷ 365 = 200,547.95
```

Ẹni tó bá kàn fi ọjọ́ kan yọ èkejì yóò rí 121, ọjọ́ kan á sì wà lábẹ́ ìdáàbòbò tí a kò gba owó rẹ̀.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé àfikún nìyí: “Láti 1 oṣù Kẹsàn-án 2025, a fi ọkọ̀ ìsàlẹ̀ yìí kún pólísì yín. Owó rẹ̀ fún ọjọ́ 122 tó kù jẹ́ ₦200,547.95, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ti san tẹ́lẹ̀. Owó ọkọ̀ yìí fún odidi ọdún jẹ́ ₦600,000. Gbogbo àdéhùn yòókù dúró bó ṣe wà.”

Mi ò jẹ́ yọ gbólóhùn ti odidi ọdún yẹn láé. Bí kò bá sí níbẹ̀, oníbàárà á rò pé a fowó lé e lórí nígbà tó bá fẹ́ sọ pólísì dọ̀tun.

Òfin wa ni pé ìdáàbòbò kò sí níbi tí owó kò bá tíì wọlé, nítorí náà mi ò fi ìwé yìí sílẹ̀ àfìgbà tí wọ́n sanwó. Ká ní 4 oṣù Kẹsàn-án ni owó wọlé, ọjọ́ 119 ni ǹ bá ṣírò, ìyẹn ₦195,616.44, ǹ bá sì yí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ padà. A kì í dá ọjọ́ padà sẹ́yìn, torí ọkọ̀ náà lè ti forí gbá nǹkan.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé e sórí NIID, àkójọ àwọn pólísì tí gbogbo iléeṣẹ́ adójútòfò jọ ń lò, mo sì tẹ sátífíkéètì tirẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ ìparí dáadáa níbí: kọ̀ǹpútà lè ka oṣù 12 kó gbé e lọ sí 31 oṣù Kẹjọ 2026. 31 oṣù Kejìlá 2025 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, bíi ti àwọn mẹ́ta yòókù.