Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ímeèlì tuntun dípò kẹ́ ẹ tẹ Reply?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, torí inú àpẹẹrẹ lọ̀rọ̀ yìí ti máa ń yéni jù. Àwọn mẹ́rin kan ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, akọ̀wé wọn fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, àkọlé ẹ̀ ni "Déètì ìdánilẹ́kọ̀ọ́", ó ní ṣé ọjọ́ 14 ni àbí ọjọ́ 21. Ẹnì kan ní 14, ẹnì kejì ní 14 tẹ́ òun náà lọ́rùn, ẹni tó ń gba orúkọ àwọn tó ń bọ̀ sílẹ̀ náà ní kó jẹ́ 14, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó wá di ọjọ́ Wẹ́sìdè, ẹni tó ń bójú tó ìwé títẹ̀ lọ ṣí ímeèlì yẹn kan náà, ó tẹ Reply all, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣeun, 14 náà ni. Ẹ gbọ́ ná, àwọn tó ń bá wa tẹ̀wé fẹ́ mọ iye tá a fẹ́ kó tó di Fúráìdè, ṣé kí n sọ pé 80?" Akọ̀wé ní 80 dáa. Wọ́n tẹ 80. Nígbà tọ́jọ́ pé, èèyàn 110 ló wọlé.

Ẹni tó ń gba orúkọ sílẹ̀ mọ̀ látọjọ́ Túsìdè pé àwọn èèyàn ti kọjá 100. Kí ló dé tí ò sọ̀rọ̀? Ó rí ímeèlì yẹn o, àmọ́ ohun tí fóònù gbé jáde fún un ò ju "Re: Déètì ìdánilẹ́kọ̀ọ́" lọ, àti ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ ẹ̀ tó ní "Ẹ ṣeun, 14 náà ni". Òun náà sì ti fọwọ́ sí 14, kí ló tún fẹ́ ṣí i fún? Mi ò rò pé èèyàn lè dá a lẹ́bi, torí àkọlé yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó ti parí ni.

Ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ gan-an nìyẹn. Tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ọ̀wọ́ àwọn ímeèlì tó jẹ́ èsì sí ara wọn tí kọ̀ǹpútà ń kó pọ̀ sójú kan, orúkọ kan ṣoṣo ló ní, ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ ló sì fún un lórúkọ náà. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lè yí lọ síbi tó bá wù ú, orúkọ yẹn ò ní yí tẹ̀ lé e. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín orúkọ àti ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó ń kà á ló máa jìyà ẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ ò ní mọ̀ rárá, torí ẹni tó ń kọ ọ́ ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Àwọn méjì míì wà tó máa ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Àkọ́kọ́ lẹni tó ti sọ fún àpù ímeèlì ẹ̀ pé òun ò fẹ́ gbọ́ nípa tírẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́. Nínú Outlook, bẹ́ ẹ bá tẹ Ignore, gbogbo ọ̀wọ́ yẹn máa bọ́ sínú Deleted Items, èyí tó bá sì tún wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn máa tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Gmail náà ní Mute, tó ń jẹ́ káwọn èsì tuntun máa fò kọjá ínbọ́ọ̀sì. Èèyàn lè ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ déètì tí ò kàn án, kẹ́ ẹ wá lọ bi í ní ìbéèrè tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bínú pé kò dáhùn. Ẹnì kejì lẹni tó ń wá nǹkan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó fẹ́ mọ ta ló sọ pé 80 ìwé, ó ń tẹ "ìwé" sínú àpótí ìwákiri, ohun tó ń jáde fún un jẹ́ oríṣiríṣi, èyí tó ń wá gan-an sì wà lábẹ́ àkọlé tó ń jẹ́ déètì, ó máa wò ó fò ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ Reply

Ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ bi ara yín: bẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ kọ àkọlé sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ yìí látìbẹ̀rẹ̀, bíi pé ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan kan rí, ṣé ẹ máa kọ irú àkọlé tó wà lókè yẹn? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fèsì, ẹ má wulẹ̀ rò ó jù. Bí ò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹni tó ń ṣètò ìwé títẹ̀ yẹn ì bá kọ "Iye ìwé tá a máa tẹ̀, ẹ fèsì kó tó di Fúráìdè", kò sí bó ṣe máa pè é ní déètì láé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń tú àṣírí. Bẹ́ ẹ bá ti rí i pé ẹ ń kọ "ẹ gbọ́ ná", tàbí "kí n tó gbàgbé", tàbí "ọ̀rọ̀ míì tún ni pé", ẹ dúró. Ìlà tó bá tẹ̀ lé e sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun tó ń wá ibi fara pamọ́ sí.

Bí àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ bá sì ti yí padà, tuntun ni kẹ́ ẹ kọ, kódà kí ọ̀rọ̀ náà ṣì fara jọ ti tẹ́lẹ̀. Ìdí ni pé bẹ́ ẹ bá fi ẹni tuntun kún Reply all, gbogbo èsì tẹ́lẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ló sábà máa ń tẹ̀ lé e lọ, títí kan ohun tẹ́nì kan sọ nípa ẹni tuntun náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tẹ́ ẹ ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Ṣé tí n bá kàn yí àkọlé padà nínú Reply ńkọ́?

Ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ sí i díẹ̀. Ímeèlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiẹ̀ tí ojú wa kì í rí. Bẹ́ ẹ bá tẹ Reply, àpù yín máa ń kọ nọ́ńbà ímeèlì tẹ́ ẹ ń fèsì sí mọ́ tiyín lára, kẹ́ ẹ yí àkọlé padà kẹ́ ẹ má yí i padà, nọ́ńbà yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyí bí ẹ bá wo inú ẹ̀:

```
Subject: Iye ìwé tá a máa tẹ̀
In-Reply-To: <a17@example.org>
References: <a11@example.org> <a17@example.org>
```

Àkọlé ti di tuntun lóòótọ́, àmọ́ ìlà méjì tó kù ṣì ń sọ pé ọmọ ọ̀rọ̀ déètì ni. Ohun tó wá máa ṣẹlẹ̀ kù sọ́wọ́ àpù ẹni tó ń gbà á. Gmail máa já a kúrò, ó máa sọ ọ́ di tírẹ́ẹ̀dì tuntun, torí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí àkọlé bá yí (bí èsì inú tírẹ́ẹ̀dì kan bá kọjá 100 náà, ó máa já a). Àmọ́ Thunderbird àtàwọn míì tó ń tẹ̀ lé In-Reply-To àti References máa fi í sílẹ̀ sábẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ímeèlì kan ṣoṣo wá bọ́ síbi méjì, lójú yín ó ti dá dúró, lójú ẹlòmíì ó ṣì wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ déètì tí kò ṣí mọ́. Torí náà mi ò kì í gbára lé yíyí àkọlé padà nìkan, àfi bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mú un ṣe kedere sí i, bíi kẹ́ ẹ sọ "Déètì ìdánilẹ́kọ̀ọ́" di "Déètì ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ọjọ́ 14". Ìyẹn ò burú, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ tẹ Compose, tàbí ohunkóhun tí àpù yín ń pè é, ẹ má gba inú Reply wọlé kẹ́ ẹ wá máa pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Mo mọ̀ pé ìdí táwọn èèyàn fi ń lo Reply ni pé àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo wọn ti wà níbẹ̀, ó rọrùn. Ẹ kọ àwọn àdírẹ́ẹ̀sì yẹn jáde, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ tuntun, ìṣẹ́jú kan ò ní pé, bẹ́ ẹ sì ṣe ń lẹ̀ wọ́n lẹ máa rí i pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tọ́rọ̀ yìí ò kàn.

Lẹ́yìn náà àkọlé. Ẹ fi orúkọ nǹkan náà ṣáájú, kí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e, torí ojú fóònù kéré, ìparí ló máa ń gé kúrò. "Iye ìwé: ẹ fèsì kó tó di Fúráìdè" dáa ju "Ìbéèrè kékeré kan" lọ fíìfíì.

Nínú ìlà àkọ́kọ́, ẹ sọ ibi tọ́rọ̀ ti wá, kẹ́ ẹ sì kọ àkọlé tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá wá a lè rí i. Bẹ́ ẹ bá nílò nǹkan kan látinú ọ̀rọ̀ àná, ẹ kọ ìlà yẹn nìkan síbẹ̀, ẹ má da gbogbo ẹ̀ lé wọn lórí. Ti àpẹẹrẹ wa ì bá rí báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. A ti fẹnu kò sí ọjọ́ 14 nínú 'Déètì ìdánilẹ́kọ̀ọ́'. Àwọn tó ń tẹ̀wé fẹ́ mọ iye tá a fẹ́ kó tó di Fúráìdè. Mo ní 80 lọ́kàn. Ẹni tó ń gba orúkọ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn mélòó ló ti forúkọ sílẹ̀ báyìí?"

Ó ti dárúkọ iṣẹ́ ẹni tó yẹ kó dáhùn, kò sì sí ibi tí ẹni náà máa ti rò pé ọ̀rọ̀ tó ti parí ni.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má ṣàṣejù o. Bẹ́nì kan bá béèrè pé "Ṣé aago mẹ́sàn-án ni tàbí mẹ́wàá lọ́jọ́ 14 yẹn?", ọ̀rọ̀ déètì ṣì ni, inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dáhùn. Ẹni tó bá ń já gbogbo ìbéèrè kéékèèké sọ́tọ̀ máa jẹ́ kí ìpinnu kan ṣoṣo fọ́n ká sí ímeèlì mẹ́fà, ìyẹn náà ń rúni lójú.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ti dá ọ̀rọ̀ tuntun sínú tírẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ẹ má dá a lóhùn níbẹ̀, torí èsì yín ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀ síbi tí kò yẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun gẹ́gẹ́ bá a ṣe sọ lókè, ẹ dá a lóhùn nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá padà sínú ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìlà kan péré: "Mo ti gbé ọ̀rọ̀ iye ìwé lọ sínú ímeèlì tuntun, 'Iye ìwé: ẹ fèsì kó tó di Fúráìdè'. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ níbẹ̀." Tuntun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ o, kí ìlà yìí tó tẹ̀ lé e, torí bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sọ pé ẹ ti gbé e lọ, ẹnì kan á ti wá a títí kò ní rí i, á sì tún fèsì síbi tẹ́lẹ̀ yẹn.