Ẹ má bi oníbàárà pé "Ṣé ẹ máa rà á?"

Ẹ̀yin ọlọ́jà, bí ẹ bá ń wá ọjà tuntun tí ẹ ó fi kún ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ má bi oníbàárà pé "Tí mo bá kó o wá, ṣé ẹ máa rà á?" Ojú á tì wọ́n láti sọ pé rárá, ìlérí ẹnu ò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n ti rà ni kí ẹ bi wọ́n. Ká ní búrẹ́dì lẹ ń tà, tí ẹ ń rò ó bóyá ẹyin ló kàn tàbí bọ́tà. Bí ẹ bá ti ń ka ṣéńjì, ẹ bi wọ́n pé: "Kí lẹ fi jẹ búrẹ́dì tí ẹ rà kẹ́yìn? Níbo lẹ ti ra ohun tí ẹ fi jẹ ẹ́ yẹn? Èló ni?" Ẹ fa ìlà kan sínú ìwé lójú ẹsẹ̀ fún ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan dárúkọ, kí ẹ sì kọ ibi tó ti rà á, torí tó bá máa fi dalẹ́, ẹ ti gbàgbé. Nígbà tó bá pé ọgbọ̀n èèyàn, ẹ ka ìlà àwọn tó fẹsẹ̀ rìn lọ rà á níbòmíì; èyí tí ìlà rẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹyin àti bọ́tà ló kàn. Ẹni tí adìẹ ń yé ẹyin fún nílé kò sí lára àwọn tí ẹ máa kà. Àmọ́ ọjà tí ẹnikẹ́ni ò tíì tà ládùúgbò rí, ìbéèrè yìí ò lè fi hàn. Ìyẹn, àfi kí ẹ kó díẹ̀ wá wò.