Àwọn àṣìṣe tó ń dá owó òkè òkun padà kó tó wọ akáǹtì yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún oníbàárà òkè òkun, ẹ má fi orúkọ tí ọjà mọ̀ yín sí gba owó. Orúkọ tó wà lórí akáǹtì nìkan ni báǹkì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ san 600 dọ́là. Oníṣòwò kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. Ohun tó dé iwájú báǹkì l'Ékòó rèé, bí a bá kọ ọ́ bíi MT103, ìwé ìfowóránṣẹ́ tí àwọn báǹkì ń lò láàárín ara wọn títí di ọdún 2025; ìlà 59 ni ti ẹni tó ń gba owó:

```
:59:/0123456789
IYA IBEJI ADIRE
LEHIN MOSALASI ITOKU
```

Nọ́ńbà akáǹtì tọ̀nà, ṣùgbọ́n orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ló fi ṣí akáǹtì náà. Báǹkì ò ní san owó fún orúkọ tí kò mọ̀, torí náà owó á padà. Báǹkì tó wà lójú ọ̀nà á sì ti yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí náà kì í sábà pé 600 dọ́là mọ́ tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín, kí ẹ da orúkọ náà kọ bó ṣe wà níbẹ̀, láìfi àmì sí i, láìgé ọ̀kan kúrò. Ẹni tó bá ti ṣègbéyàwó, tí akáǹtì rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá, orúkọ ilé bàbá ni kó fi ránṣẹ́. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù kò wúlò àfi tí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ bá ní akáǹtì.

“Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí” kì í ṣe àdírẹ́sì. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà, kí ẹ wá kọ ABEOKUTA àti NIGERIA lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ètò ISO 20022, tí àwọn báǹkì fi ń kọ ìwé ìfowóránṣẹ́ báyìí, fún ìlú àti orílẹ̀-èdè ní àyè tiwọn.

Nípa nọ́ńbà: fọ́ọ̀mù Yúróòpù máa ń béèrè IBAN, nọ́ńbà akáǹtì tó gùn ju tiwa lọ. Nàìjíríà kì í lò ó. Kí oníbàárà má ṣe fi òdo kún nọ́ńbà yín kó lè gùn tó; kó kọ́kọ́ yan Nàìjíríà, kó wá kọ nọ́ńbà mẹ́wàá náà. Kó sì jẹ́ ti akáǹtì dọ́là yín o, kì í ṣe ti náírà.

Tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ má sáré lọ sí Òkè-Ìlèwó láti bẹ báǹkì pé kó yí orúkọ padà. Báǹkì tó fi owó ránṣẹ́ ló lè tún un ṣe, nítorí náà oníbàárà ni kó lọ bá a. Ẹ ní kó gba ẹ̀dà ìwé ìfowóránṣẹ́ lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ sì wo ibi tí orúkọ ẹni tó ń gba owó wà dáadáa, ìyẹn ìlà 59 tó bá jẹ́ MT103. Tí owó bá ti ń padà, kó dúró kó wọ akáǹtì rẹ̀ tán kó tó tún un fi ránṣẹ́.