Pẹpẹ Yín Já Kúrò Lára Ògiri: Ẹ Má Tíì Ra Sikúrù Tó Gùn Sí I

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ilé mẹ́ta ni wọ́n ti pè mí wá wo pẹpẹ tó já bọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo bá lẹ́nu gbogbo wọn: "Ẹ bá wa fi sikúrù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dè é." Inú bí mi, nítorí owó ni wọ́n ń dà nù. Sikúrù kọ́ ló jẹ̀bi. Ohun tó wà nínú ògiri ló yẹ kó sọ irú físà tí a máa lò, ìyẹn ike tí a máa ń ti bọ ihò kí sikúrù tó wọ̀ ọ́, àmọ́ èyí tó ṣẹ́ kù sínú àpótí irinṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú.

Mo gbà pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń di dírílì mú, nítorí náà mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àṣìṣe mẹ́ta tí mo máa ń rí rèé.

1. Jíju físà tó já nù láì wò ó

Físà tó jáde ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó dáadáa. Bí sikúrù bá jáde tí físà sì ṣì wà nínú ihò, sikúrù náà ti tín-ínrín jù. Sikúrù mílímítà 5 tàbí 6 ló máa ń la físà mílímítà 8 dáadáa. Bí ẹ bá fi èyí tó kéré sí i, físà kò ní fẹ̀ tó láti di ògiri mú. Bí físà àti sikúrù bá jọ jáde, tí èérún pílásítà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára, pílásítà nìkan ni ó dì mú. Bí lẹ́búlẹ́bú bá bò ó láti òkè délẹ̀, ẹ kò nu inú ihò kí ẹ tó ti físà wọ̀ ọ́. Bí ẹnu rẹ̀ tó wọ inú bá dán bíi tuntun, tí kò là rárá, inú òfìfo bulọ́ọ̀kù oníhò ló wà.

2. Fífi ọkàn tán pílásítà

Pílásítà kì í ṣe ògiri, aṣọ ògiri ni. Ó sábà máa ń nípọn tó mílímítà 10 sí 20, ó sì rọ̀. Bí físà bá ti fẹ̀ nínú rẹ̀, ńṣe ló máa fọ́ ọ. Ẹ ti físà wọlé títí tí orí rẹ̀ á fi kọjá pílásítà, kí apá tó ń fẹ̀ lè wà nínú bulọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré. Ibí yìí nìkan ni gígùn sikúrù ti wúlò: ó gbọ́dọ̀ gba inú pílásítà kọjá, kó sì tún yọ díẹ̀ ní ìdí físà.

3. Ṣíṣe bulọ́ọ̀kù oníhò bí ẹni pé kọnkéré ni

Èyí ló ń dùn mí jù. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé mẹ́ta yẹn, ìgbà kẹta rèé tí pẹpẹ ìwé ń já. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é lo físà kékeré. Ẹnì kejì lo físà ńlá. Ẹnì kẹta wá fi rọ́ọ̀bóòtù dè é, ìyẹn bóòtù onírin tó máa ń fẹ̀ bí a bá ti ń fún un. Nígbà tí mo tan iná sínú ihò, mi ò rí ìdí rẹ̀. Ojú bulọ́ọ̀kù ti là láti ihò kan dé èkejì, mo sì lè fi ìka ti èérún rẹ̀ wọ inú òfìfo.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Mo tẹ orí wáyà tín-ínrín bí ìkọ́, mo kì í bọ ihò tí kò tíì fọ́, mo fà á títí ó fi kọ́ ẹ̀yìn bulọ́ọ̀kù, mo sì fi èékánná sàmì síbi tó ti yọ. Mílímítà 45 ni. Pílásítà gba 15 nínú rẹ̀, nítorí náà ojú bulọ́ọ̀kù kò ju 30 lọ. Físà wọn gùn tó 50. Bí wọ́n ti tì í kọjá pílásítà, ìdí rẹ̀, níbi tó ti yẹ kó fẹ̀, wà nínú afẹ́fẹ́. Rọ́ọ̀bóòtù tiẹ̀ tún burú sí i: kọnkéré tó kún ni wọ́n ṣe é fún. Nínú ojú bulọ́ọ̀kù tó fẹ́lẹ́, agbára tó fi ń fẹ̀ ló máa là á. Èmi náà ti la bulọ́ọ̀kù oníbàárà kan bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì dùn mí gan-an.

Ohun tó yẹ ibẹ̀ ni bóòtù alápá, èyí tó ní apá méjì tí sípírìn ń tì. Ẹ kọ́kọ́ pa lílù lára dírílì, kó máa yí nìkan, nítorí lílù máa ń já ẹ̀yìn bulọ́ọ̀kù dànù láìjẹ́ pé ẹ rí i. Bí dírílì bá ṣàdédé rì, ẹ ti dé òfìfo. Ẹ ki bóòtù bọ ihò irin onígun tó máa gbé pẹpẹ ṣáájú kí ẹ tó fi apá rẹ̀ sí i, torí pé bí ẹ bá tún tú bóòtù lẹ́yìn tó ti wọlé, apá yẹn máa já sínú ògiri. Ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín bí ẹ ti ń yí i, kí apá má bàa máa yí tẹ̀ lé e. Tó bá ti le, ẹ dúró. Níbi tí bulọ́ọ̀kù ti fọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ sún síbi tó ṣì le dáadáa. Ohun tí mo ṣe nílé yẹn nìyẹn.

Mo tún pààrọ̀ irin onígun. Ìwé náà tó kílò 24 lórí irin méjì, ìyẹn 12 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pẹpẹ náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, nítorí náà ẹrù jìnnà sí ògiri ní 15. Irin àtijọ́ kúrú: láti sikúrù òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ fi 15 sọ 12 di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 5: agbára kílò 36 ló ń fa sikúrù òkè jáde. Mo fi irin tó jẹ́ 20 rọ́pò rẹ̀, ó di 9. Ìwé kan náà, ògiri kan náà.

Kọnkéré tó kún kò ní wàhálà púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí dírílì máa lù, kí ihò jìn ju físà lọ ní mílímítà 10, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu inú rẹ̀, kí ẹ sì fọn lẹ́búlẹ́bú jáde. Ibẹ̀ ni rọ́ọ̀bóòtù ti wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é sún mọ́ etí ògiri. Bí dírílì bá ń han tí kò sì wọlé mọ́, irin ló bá pàdé; ẹ sún ihò náà.

Ẹ má ki igi ìṣáná bọ ihò tó ti fẹ̀ jù.

Ẹ má sì lu ihò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an. Wáyà iná sábà máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹrù ti wà lórí pẹpẹ, ẹ mú bébà kan, kí ẹ gbìyànjú láti tì í bọ àárín ògiri àti orí irin onígun lókè. Bí kò bá wọlé nígbà tí ẹ dè é, àmọ́ tó ti ń wọlé báyìí, ẹ kó ẹrù kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Físà ti ń jáde.