Àṣìṣe Tí Òṣìṣẹ́ Máa Ń Ṣe Bó Bá Fẹ́ Fi Iṣẹ́ Kejì Kún Iṣẹ́ Oṣù

Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ló ń kó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ní iṣẹ́ kejì sí ìjàngbọ̀n. Ẹ wo obìnrin kan tó ń ya àwòrán ìpolówó fún ilé iṣẹ́ kan. Oníbàárà tí kò bá ọ̀gá rẹ̀ ṣòwò rí ní kó bá òun ya àmì ìdánimọ̀ ilé ìtajà òun. Alẹ́ ló ń yà á, nílé ara rẹ̀, lẹ́yìn tó ti ṣíwọ́. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ gbé fún un ló lò, ímeèlì ilé iṣẹ́ ló sì fi ránṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló sọ ọ́ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá fi irinṣẹ́ tàbí àkókò ilé iṣẹ́ ṣe, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Ó wá lè jẹ́ pé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló tà. Àwọn àdéhùn kan tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí iṣẹ́ kejì bá ti jọ èyí tí wọ́n gbà yín sí, wọ́n lè ní tiwọn ni, kódà bó jẹ́ kọ̀ǹpútà tiyín lẹ fi ṣe é. Nítorí náà, ẹ ka àdéhùn yín àti ìwé òfin òṣìṣẹ́ kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba iṣẹ́ mìíràn, oníbàárà ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àṣírí, àti ẹni tó ni ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbàṣẹ, ẹ má ṣe tẹ́wọ́ gba "kò burú" tí ọ̀gá sọ lẹ́nu. Ọ̀gá yẹn lè kúrò lọ́la. Ẹ kọ lẹ́tà: irú iṣẹ́ wo ni, irú àwọn wo lẹ fẹ́ ṣe é fún, ìgbà wo lẹ ó máa ṣe é, àti pé ẹ ò ní fọwọ́ kan irinṣẹ́ ilé iṣẹ́. Ẹ dúró de èsì tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sílé.

Àṣìṣe kejì wà nínú ìṣirò wákàtí. Obìnrin yìí rò pé wákàtí 8 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ náà máa gbà. Kò ka ìpè oníbàárà, àtúnṣe, àti ìwé owó tó máa kọ. Ìyẹn tún gba wákàtí 5. Ó di wákàtí 13, inú àkókò oorun rẹ̀ ló sì ti ń yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán. Kò pẹ́ tó fi ń jí pẹ̀lú àárẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, àṣìṣe sì wọ iṣẹ́ oṣù rẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá oníbàárà ṣàdéhùn pé àtúnṣe méjì péré ló wà nínú owó náà, ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ lè gba ìpè. Ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Bí oorun kò bá tó yín fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, ẹ parí èyí tó wà lọ́wọ́, ẹ má sì gba òmíràn títí ara yóò fi balẹ̀.